Òróró 80, omi 16: mayonéèsì àti máájarìn láti inú ìwọ̀n kan náà, ní Kubwa

Ohun tó fa iṣẹ́ yìí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì ní Kubwa níbí máa ń gbà dáadáa nínú ìdánwò, síbẹ̀ tí kò yé wọn. Ìwé sọ fún wọn pé òróró-nínú-omi ni mayonéèsì, pé omi-nínú-òróró sì ni máájarìn. Wọ́n há a, wọ́n kọ ọ́, wọ́n gba máàkì. Bí o bá wá bi wọ́n pé kí ló fà á, ọ̀pọ̀ wọn á ní: "Omi ló pọ̀ jù nínú mayonéèsì, òróró ló pọ̀ jù nínú máájarìn."

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Máájarìn ojúlówó tí a ń fi sí búrẹ́dì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́tà, ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 80 nínú 100, omi rẹ̀ sì jẹ́ bíi 16. Mayonéèsì tó bá jẹ́ ojúlówó, òróró inú rẹ̀ náà máa ń tó 65 sí 80, ti ilé mìíràn tilẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé èèyàn lè rí àwo méjì lórí tábìlì kan náà, kí òróró inú wọn dọ́gba, kí omi inú wọn dọ́gba, kí ìkan jẹ́ òróró tó fọ́nká sínú omi, kí èkejì sì jẹ́ omi tó fọ́nká sínú òróró. (Sàláàdì kírìmù inú ìgò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Òróró tirẹ̀ kéré púpọ̀, sítáàṣì ló ń bá a ki.)

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ara mi nìyẹn: kí n fi ìwọ̀n òróró àti omi kan náà ṣe méjèèjì, kí n sì fi han àwọn ọmọ pé kì í ṣe iye ló ń pinnu èyí tó máa wà níta, tí èkejì á fọ́nká sínú rẹ̀.

Ohun ìdánwò

Ojú lásán kò lè sọ èyí tó wà níta. Ohun tí mo lò ni iná mànàmáná. Omi tó ní iyọ̀ ń gbé iná kọjá, òróró kì í gbé e. Bí ó bá jẹ́ omi ló wà níta, ọ̀nà omi ò já láti ìhín dé ọ̀hún, iná á kọjá. Bí ó bá jẹ́ òróró ló wà níta, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan wà ní àhámọ́ tirẹ̀, bí ó ti wù kí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó, iná kò ní rọ́nà gbà.

Mo ra bátìrì 9 fóòtì kan, gílóòbù LED pupa tíntín tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń tà, àti rẹsísítọ̀ 470 óòmù kan kí gílóòbù má bàa jó. Mo so wọ́n tẹ̀léra, mo wá fi fọ́ọ̀kì méjì tí kì í dípẹtà ṣe ẹnu méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ pátákó kékeré kan kí àlàfo àárín wọn má yí padà, ó tó ìbú ìka kan. Má lo ìṣó tàbí wáyà kọ́pà: fínígà inú mayonéèsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo máa ń bù sínú ife fún ìdánwò, èmi kì í sì í jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà. Nínú omi iyọ̀, gílóòbù tàn kedere. Nínú òróró ẹ̀pà, òkùnkùn.

Ẹ̀rí kejì ni sóbò. Omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìgun títì nílùú Àbújá yìí, inú omi ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú òróró. Kán an sórí ohun tí omi rẹ̀ wà níta, pupa náà á ràn ká. Kán an sórí ohun tí òróró rẹ̀ wà níta, á jókòó sí ojú kan ní róbótó, bí o bá gbé àwo náà dagun, á yí lọ.

Mayonéèsì

Pupa ẹyin kan (gíráàmù 18 lórí síkéèlì mi), fínígà gíráàmù 20, iyọ̀ gíráàmù 2, òróró ẹ̀pà gíráàmù 144. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, bíi ìdajì pupa ẹyin ni omi, bíi ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì ni ọ̀rá. Nítorí náà ọ̀rá gbogbo inú abọ́ jẹ́ bíi 150 nínú 184, ìyẹn 81 nínú 100. Omi jẹ́ bíi 28, ìyẹn 15 nínú 100. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí máájarìn tó ń bọ̀ kò yàtọ̀ sí i.

Mo po pupa ẹyin, fínígà àti iyọ̀ pọ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni òróró: ẹ̀kán, ẹ̀kán, láìdáwọ́ pípò dúró. Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi inú abọ́ kò ju ṣíbí kékeré mélòó kan lọ, òróró tó ń wọlé bá a sì gbọ́dọ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí òmíràn tó dé. Nígbà tí mo ti po nǹkan bí ìdá márùn-ún òróró náà wọlé tí abọ́ ti funfun tó sì ti ń ki, mo jẹ́ kó máa ṣàn tín-ín-rín. Ohun tó ti ki lọ́wọ́ ń ràn ọ́ lọ́wọ́ láti fọ́ èyí tó ń bọ̀, nítorí ó ń fa òróró ya bí ọwọ́ rẹ ti ń yí.

Kí ló ń di àwọn ẹ̀kán wọ̀nyẹn lọ́wọ́ láti má padà dà pọ̀? Ẹmọ́sífáyà ni. Alárinà ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ. Ó ní orí tó fẹ́ràn omi, ó ní ìrù tó fẹ́ràn òróró, ẹnu ààlà àárín ilé méjèèjì ló máa ń jókòó sí. Nínú pupa ẹyin, lẹ́sítìnì àti purotéènì ni wọ́n, wọ́n sì so mọ́ra gẹ́gẹ́ bí wóró kéékèèké tó léfòó nínú omi pupa ẹyin náà. Bí ọwọ́ bá ti ya òróró sí ẹ̀kán, wóró wọ̀nyí á sáré bá a, wọ́n á tú sí ara rẹ̀, purotéènì á tẹ́ bò ó. Ẹ̀kán òróró tí wọ́n bá ti bò báyìí, bó tilẹ̀ fara kan èkejì, kò lè dà mọ́ ọn.

Àmọ́ alárinà kì í dúró sí àárín gbọọrọ. Ilé kan máa ń wọ̀ ọ́ ju èkejì lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Wilder Bancroft sọ ọ́ di òfin ní 1913: omi tàbí òróró, èyí tí ẹmọ́sífáyà bá ti ń yọ́ dáadáa jù nínú rẹ̀ ni yóò wà níta. Wóró pupa ẹyin, inú omi ló ń gbé. Omi ló sì wà níta mayonéèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 15 péré ni nínú 100.

Mo ki fọ́ọ̀kì bọ inú rẹ̀, gílóòbù tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó ti omi iyọ̀ lásán, nítorí ọ̀nà tó ṣẹ́kù fún iná láàárín àwọn ẹ̀kán òróró ti dín gan-an, ṣùgbọ́n kò já. Sóbò ràn ká. Ṣíbí kan nínú ife omi, a rò ó, ó di funfun bíi mílíìkì láìsí kókó kankan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tí òun náà ti ń ka ìwé ju ohun tí mo fún un lọ, wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni 81 ṣe máa wọnú 15? Ṣé kò ní kún jù ni?" Ìbéèrè rẹ̀ dára, nítorí ibẹ̀ ni kíki mayonéèsì ti ń wá. Bí àwọn bọ́ọ̀lù bá dọ́gba, tí o tò wọ́n pọ̀ dáadáa jù lọ, 74 nínú 100 àyè ni wọ́n lè gbà. Òróró wa ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ẹ̀kán kéékèèké ń wọ àlàfo àárín àwọn ńlá, àwọn ńlá sì ti ń fún ara wọn pẹlẹbẹ, ìpele omi tín-ín-rín ló wà láàárín wọn. Nítorí náà ni mayonéèsì fi ń dúró lórí ṣíbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun líle kankan nínú rẹ̀: òróró ń ṣàn, omi ń ṣàn.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ń ṣe ṣàwámà lẹ́nu níyẹn. Bí mayonéèsì bá ki jù, wọ́n á fi òróró kún un kó lè ṣàn, á tún wá ki sí i. Omi tàbí fínígà ṣíbí kékeré kan ni kí wọ́n fi sí i, á tú wẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá sì ń da òróró sí i ṣáá, ó máa dé ibì kan tí omi kò ní ká a mọ́, á já.

Bíbà á jẹ́ àti títún un ṣe

Mo ní kí ọmọ kan mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Pupa ẹyin mìíràn, fínígà kan náà, ṣùgbọ́n ó da ìdajì òróró lù ú lẹ́ẹ̀kan náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í po ó. Ohun tó jáde jọ ọ̀gì tó ti já: òróró ń dán lójú rẹ̀, kókó pupa rúbẹ́rúbẹ́ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Gílóòbù kú. Bí o bá ń sún fọ́ọ̀kì káàkiri, ó lè ṣẹ́jú fìrí níbi tó bá ti bá àpò omi pàdé, á tún kú. Òróró ti gba ìta mọ́ omi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé alárinà kò sí, àyè ni kò rí: ẹ̀kán òróró ń dà pọ̀ mọ́ra kí purotéènì tó bò wọ́n.

Pípo náà síwájú kò tún un ṣe, bó ti wù kí apá ẹni le tó, nítorí òróró ló wà níta báyìí, omi lò ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ ní abọ́ mìíràn pẹ̀lú omi níta: pupa ẹyin tuntun kan àti ṣíbí kékeré kan omi. Lẹ́yìn náà, ohun tó bàjẹ́ yẹn gan-an ni kí o kà sí òróró, kí o máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a lo bíi ìdá mẹ́rin rẹ̀, gílóòbù ti tàn padà, a wá da ìyókù ní ṣíṣàn. Bí ẹyin bá wọ́n lójú ẹ, ṣíbí mayonéèsì tó dára kan lè rọ́pò pupa ẹyin tuntun náà, ó ṣe tán omi ló wà níta rẹ̀.

Ẹyin tútù ni gbogbo èyí, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ló wọ fíríìjì, a sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ooru Àbújá nínú oṣù kẹrin kì í ṣe eré.

Máájarìn

Fún ọ̀rá tó ń dì, òrí ni mo lò. Apá Niger tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, òrí pọ̀ níbẹ̀, obìnrin Nupe kan ló ń kó o wá sọ́jà Kubwa. Gíráàmù 90 òrí, gíráàmù 70 òróró ẹ̀pà, omi gíráàmù 34, iyọ̀ gíráàmù 3. Ẹmọ́sífáyà rẹ̀ ni mọnogilísẹ́ráìdì gíráàmù 2, èyí tí wọ́n kọ E471 sí lára lẹ́bẹ́ẹ̀lì àwọn máájarìn inú ike, àti lẹ́sítìnì sóyà ìdajì gíráàmù, ìyẹn E322. Ọ̀rá 81 nínú 100, omi 17. Ìwọ̀n mayonéèsì náà ni.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta èròjà búrẹ́dì ni kí ẹ ti ra E471. Àwọn tó ń ta èròjà ìpara náà ní ohun tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n oríṣi tiwọn kan wà tí wọ́n ti fi ọṣẹ díẹ̀ pò mọ́ ọn kó lè máa pò mọ́ omi fúnra rẹ̀. Omi ni ọkàn ìyẹn fà sí. Yàtọ̀ sí pé kì í ṣe ohun jíjẹ, ìdàkejì iṣẹ́ tí a fẹ́ ló máa ṣe.

Mo yọ́ òrí, òróró àti ẹmọ́sífáyà méjèèjì pọ̀ dé 65 lórí tẹmọ́mítà. Mọnogilísẹ́ráìdì kì í yọ́ tán títí ìgbóná yóò fi sún mọ́ 60. Omi oníyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbóná dé ibẹ̀, torí bí omi tútù bá bá a, ó máa dì lójú ẹsẹ̀ di ẹ̀ẹ́rún funfun kéékèèké tí kò wúlò. Omi ni mo wá ń da sínú ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀, mo ń po ó. Òdìkejì ti mayonéèsì: èyí tó máa wà níta ló kọ́kọ́ wà nínú abọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ wá kù. Ní báyìí gbogbo rẹ̀ ṣì ń ṣàn, àwọn ẹ̀kán omi ń rìn, wọ́n wúwo ju òróró lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mọnogilísẹ́ráìdì nìkan kò lè dá wọn dúró pẹ́. Ohun tó ń dá wọn dúró nínú máájarìn ni ọ̀rá tó bá dì: kírísítà rẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀kán omi, wọ́n tún máa ń so mọ́ra wọn ká gbogbo abọ́, omi á há sáàárín. Nítorí náà mo gbé abọ́ náà sínú yìnyín fọ́fọ́ mo sì ń po ó láìdúró. Kó tètè tutù kí kírísítà lè pọ̀ kó sì kéré, kó máa yí kí omi má rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Nílé iṣẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é: páìpù kan tí ara rẹ̀ tutù gan-an, tí abẹ ń fá ọ̀rá tó bá dì mọ́ ògiri rẹ̀ kúrò bó ti ń dì. Abọ́, yìnyín àti apá èèyàn ni tèmi. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, nítorí òrí kì í tètè dì. Lẹ́yìn náà ló ṣú lójú, ó ki, ohun tí mo fi ń po ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipa sílẹ̀.

Nígbà tó jáde nínú fíríìjì lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé fi ọ̀bẹ tẹ́ sórí búrẹ́dì, òórùn òrí sì wà lára rẹ̀ gbọn-ingbọn-in. (Èmi ò bínú sí i. Àwọn ọmọ náwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá.) Fọ́ọ̀kì wọnú rẹ̀: òkùnkùn. Gíráàmù 3 iyọ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àhámọ́ ló wà. Sóbò jókòó ní róbótó. Nínú ife omi tútù, ó léfòó ní kókó, bí a ti rò ó tó kò yọ́.

Mo wá bu díẹ̀ sínú ife, mo gbé e sínú omi gbígbóná títí ó fi yọ́ pátápátá, mo sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kírísítà ti lọ, ohun tó ń di àwọn ẹ̀kán omi mú ti lọ. Mo ki fọ́ọ̀kì sí òkè, kò tàn. Mo tì í dé ìsàlẹ̀ ife, ó tàn yanran. Omi ti sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ike máájarìn tí èèyàn gbàgbé sínú ọkọ̀ nìyẹn: ó yọ́ lọ́sàn-án, ó dì lálẹ́, ìgbà tí o bá ṣí i, omi wà ní ìgun rẹ̀, ìyókù sì ti rí ṣákaṣàka lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó ti kẹ̀. Ìtò inú rẹ̀ ló tú, fíríìjì nìkan kò sì lè tò ó padà. Òrí mi kò lè dúró ní tábìlì lásán ní ìgbà ooru, ó ti ń rọ̀ kó tó dé 35. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi ọ̀rá tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i, irú èyí tí wọ́n yà lára epo pupa.

Lẹ́sítìnì ń kọ́?

Ibí ni mo ti dúró jù, nítorí gbogbo ẹni tó bá ronú á bi ọ́. Lẹ́sítìnì wà nínú mayonéèsì, lẹ́sítìnì wà nínú máájarìn. Báwo ni alárinà kan náà ṣe wá ń gbé omi síta níbí, tó ń gbé òróró síta lọ́hùn-ún?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í dá ṣiṣẹ́. Nínú pupa ẹyin, ó so mọ́ purotéènì, purotéènì ló sì ń fà á sọ́dọ̀ omi. Nínú máájarìn, ó ti yọ́ sínú ọ̀rá kí omi tó dé, kò sí purotéènì lọ́dọ̀ rẹ̀, mọnogilísẹ́ráìdì àti kírísítà ọ̀rá ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Ohun tí wọ́n tilẹ̀ ń wá lára rẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí máájarìn máa ta pàrà nínú páànù tí èèyàn bá fi din nǹkan. Ní 1949, ọ̀gbẹ́ni Griffin fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ alárinà yìí: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà láàárín 3 sí 6, ó máa ń gbé òróró síta, láti 8 lọ sókè, omi ló ń gbé síta. Mọnogilísẹ́ráìdì tí mo lò jẹ́ 3.8. Nọ́ńbà náà wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa purotéènì, kò sì mọ̀ nípa kírísítà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi í ṣe Kùránì.

Máájarìn Ìyá Ìbejì

Bí mo ti ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni Ìyá Ìbejì, tó ń yan kéèkì lójú ọ̀nà wa, gbé abọ́ kan wá. Máájarìn ti gbówó lórí, ó sì ti rí ọgbọ́n kan kọ́: ó yọ́ máájarìn, ó da mílíìkì oníyẹ̀fun tó pò sínú omi gbígbóná sí i ní ìdajì-ìdajì, ó yí i nínú bílẹ́ńdà, ó gbé e sí fíríìjì. Máájarìn di ìlọ́po méjì.

"Ó funfun, ó rọ̀, ó dùn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì-kẹta ló ti ń kan, pàápàá bí wọn ò bá mú iná wá. Ṣé máájarìn ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, bùọ̀dá?"

Mo ní kó dákẹ́ ná kó wo nǹkan. Fọ́ọ̀kì wọnú abọ́ rẹ̀, gílóòbù tàn. Sóbò ràn. Ṣíbí kan yọ́ sínú ife omi bíi mílíìkì. Mo wá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí máájarìn inú ike tó lò, tó gbé wá pẹ̀lú: òkùnkùn. Kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Bílẹ́ńdà rẹ̀ ló yí ohun tó wà nínú síta. Purotéènì mílíìkì fẹ́ràn omi, ó sì lágbára ju ìwọ̀nba mọnogilísẹ́ráìdì tó wà nínú máájarìn lọ. Bó ṣe yọ́ ọ̀rá, kírísítà lọ; bó ṣe da mílíìkì sí i, ilé omi rí alárinà tuntun; bí bílẹ́ńdà ṣe fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, purotéènì bò ó. Kírìmù ló ṣe.

Ìdí tó fi ń kan kíákíá náà nìyẹn. Nínú máájarìn, kòkòrò tó bá bọ́ sínú ẹ̀kán omi kan, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ̀kán náà kéré, oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, iyọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nínú ti Ìyá Ìbejì, gbogbo omi ti di ọ̀nà kan ṣoṣo, mílíìkì àti ṣúgà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ fún oúnjẹ. Omi ló wà níta mayonéèsì náà o, àmọ́ fínígà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò rójú níbẹ̀.

A gbìyànjú láti bá a sọ máájarìn di púpọ̀ láìyí i padà. Kò sí mílíìkì rárá, omi oníyọ̀ nìkan. Mo yọ́ máájarìn rẹ̀ gíráàmù 150 pẹ̀lú mọnogilísẹ́ráìdì gíráàmù 3, mo fi omi oníyọ̀ gbígbóná gíráàmù 50 sínú ọ̀rá ní díẹ̀díẹ̀, mo po ó lórí yìnyín títí ó fi le. Ọ̀rá rẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 60 nínú 100. Gílóòbù kò tàn, sóbò jókòó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí búrẹ́dì, omi á yọ rìrì létí ọ̀bẹ, ẹ̀rí pé àwọn ẹ̀kán kan ti tóbi jù. Nígbà tí mo fẹ́ kí ọ̀rá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi já sílẹ̀ lórí yìnyín. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe é dé 40, ẹ̀rọ wọn ń fọ́ omi wẹ́wẹ́ ju tèmi lọ, wọ́n sì máa ń fi ohun tó ń dì bíi jẹ́látìnì sínú omi rẹ̀.

Ìyá Ìbejì tọ́ ọ wò, ó ní òun kò rí èrè kankan nínú wàhálà yìí. Ó wá bi mí bóyá ti bílẹ́ńdà yẹn ṣì wúlò. Mo ní ó wúlò, kó kàn má pè é ní máájarìn mọ́: kó ṣe èyí tó máa tán lọ́jọ́ náà, kó máa fi sáàárín kéèkì, kí ó sì má fi rọ́pò máájarìn nínú ìyẹ̀fun láìdín omi tàbí mílíìkì tí yóò fi pò ó kù, nítorí ìdajì ohun tó ń wọ̀n sínú rẹ̀ ti jẹ́ mílíìkì tẹ́lẹ̀. Ó yá gílóòbù àti fọ́ọ̀kì mi lọ. Ó fẹ́ fi wọ́n wo ike kan tí oníbàárà rẹ̀ rà ní Dei-Dei, tí wọ́n ní bọ́tà ni.